Wọ́n ní mo ti “gbà á”: gàrí tó bu àti òǹtẹ̀ tó dá ìjà sílẹ̀

Ìbéèrè: Mo ń ta oúnjẹ ilé ní Pẹ́kámù, Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá kan ní Kùtọnu ló ń kó gàrí Sáfálù ránṣẹ́ sí mi. Yorùbá la ń sọ lórí fóònù, àmọ́ Faransé nìkan ni wọ́n ń kà. Àpò 200 dé, ọmọ iṣẹ́ mi tẹ òǹtẹ̀ RECEIVED lé ìwé, àfi bí mo ṣe rí àwọn tó ti bu. Wọ́n ní mo ti gbà á, ọ̀rọ̀ ti parí. Kí ni n bá ti kọ?

Ìdáhùn: Mi ò dá ìyá lẹ́bi. Òǹtẹ̀ yẹn kò ju pé ẹrù ti dé lọ. Àmọ́ tí ẹnì kan bá kà á fún wọn ní “réception”, lẹ́nu àwọn oníṣòwò Faransé, ó lè jẹ́ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì fọwọ́ sí i. “Gbà” tiwa náà ń jẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, “ẹrù ti dé” ni kí ẹ máa sọ lórí fóònù, kí ẹ sì kọ èyí sábẹ́ ibi ìbuwọ́lùwé:

```
La signature du bon de livraison ne vaut pas acceptation.
```

Ìyẹn ni pé bíbuwọ́ lu ìwé ẹrù kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ fara mọ́ ẹrù náà.

Ẹ wo ibi tí ewu ti kúrò lọ́rùn wọn pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ FOB Cotonou lẹ kọ, ohunkóhun tó bá ṣe gàrí lẹ́yìn tó wọ ọkọ̀ òkun, tiyín ni. Tó bá jẹ́ DAP àti àdírẹ́sì yín, tiwọn ni títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà yín. Sísọ ọ́ kalẹ̀ àti ètò òun owó ibodè níbí ló kù fún yín.

Ní ti ẹ̀tọ́ yín láti kọ ẹrù tó bàjẹ́, ẹ fi iye ọjọ́ sí àdéhùn yín. Òfin ọjà títà ti Bìrìtánì ti ọdún 1979 kò ka ọjọ́, àkókò tó bọ́gbọ́n mu ló sọ. Ẹ kọ ọjọ́ 7. Láàárín rẹ̀, ẹ ó tú àpò 20 wò. Ìlànà Kódẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, kò fẹ́ kí ọ̀rinrin gàrí ju 12% lọ. Tí ju méjì lọ nínú wọn bá kọjá ibẹ̀, ẹ ó tú gbogbo rẹ̀. Ká ní 26 ló bàjẹ́: ẹ ó sanwó 174, ẹ ó sì ya 26 náà sọ́tọ̀ láìtà nínú wọn. Ẹ kọ ẹni tó máa kó wọn kúrò àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìjà máa ń wà.

Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n máa dáhùn. Ẹ bi wọ́n pé: “Mà, tí 26 bá bu, owó àpò mélòó ni mo máa san fún yín?” Tí wọ́n bá ní 200, ẹ tún ìwé náà ṣàlàyé kí ẹrù tó gbéra.

Ti èyí tó wà nílẹ̀, ẹ kọ̀wé ní Faransé lónìí, kí ẹ fi fọ́tò sí i. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹ̀tọ́ yín láti kọ̀ ọ́ ń dín kù.