Bí A Ṣe Ń Ka Nọ́ńbà Orí Ìwé Àyẹ̀wò Egungun

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 67 ni, gàrí ló ń yàn tà. Ó yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló dúró sí, kò já láti orí nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ ya àwòrán egungun. Nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìwé tó gbà bọ̀: egungun ẹ̀yìn, −1.4, ọrùn egungun itan, −2.6. Ọmọ rẹ̀ wo ti àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, kò burú púpọ̀ o." Ọmọ náà ṣì í kà.

Ibi tí wọ́n kọ T-score sí ni kí ẹ wò. Egungun obìnrin ọ̀dọ́ tó le dáadáa ni wọ́n fi wọn tiyín. Òdo dúró fún ọ̀dọ́ náà. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́yìn àmì ìyọkúrò ni egungun ń fúyẹ́ sí i. Láti 1994 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fa ààlà: láti −1 sókè, ó dára, láàárín −1 sí −2.5, ó ti ń fúyẹ́. Tó bá dé −2.5 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ọsitiopóróósìsì nìyẹn, inú egungun ti lu ihò. (Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù àti ọkùnrin tí kò tí ì pé 50, Z-score ni tiwọn, òun ló ń fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn.)

Nọ́ńbà tó lọ sísàlẹ̀ jù lọ ni dókítà máa ń mú, −2.6 sì ni ti ìyá yìí. Ti ẹ̀yìn máa ń tan àgbàlagbà jẹ, nítorí egungun ẹ̀yìn tó ti fọ́ wọlé sára wọn á dì, ẹ̀rọ á sì rò pé ó le. Bí a bá tẹ àpò gàrí mọ́lẹ̀, ó dì, àmọ́ gàrí inú rẹ̀ kò lé sí i.

Ní itan, bí nọ́ńbà bá fi 1 lọ sílẹ̀, ewu kí itan kán máa ń di ìlọ́po méjì, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń ṣèdájọ́. Ẹni 50 ọdún tó ní −2.6 kò sí nínú ewu tó tó ti ìyá yìí, torí ọjọ́ orí àti ọwọ́ tó ti kán ń kún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tí egungun wọn kán ni nọ́ńbà wọn kò tiẹ̀ dé −2.5. Bó bá sì jẹ́ itan tàbí egungun ẹ̀yìn ló kán níbi ìṣubú lásán, àrùn náà ti dé nìyẹn, nọ́ńbà ìbáà dára.

Bí ẹ bá máa tún un yà, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ kan náà. Ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì lè máà jẹ́ ti egungun rárá.

Dókítà bi ìyá náà pé oògùn wo ló ń lò fún orúnkún. Ó tú ìdí ìró, ó mú páálí prẹdinisolónù tó ti ń rà ní kẹ́míìsì fún ọdún méjì jáde. Oògùn yẹn ń jẹ egungun, ewu rẹ̀ sì ju ohun tí T-score lè fi hàn lọ. Kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì o, dókítà ni yóò máa dín in kù.