Mo ti pa íméèlì rẹ́, fáìlì Outlook mi ò kéré sí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì wa wà ní Òkèṣà l'Adó, fáìlì .pst tí Outlook mi ń lò ti di gíìgì 18. Lánàá mo pa gbogbo íméèlì 2018 sí 2021 rẹ́, mo wò ó, gíìgì 18 ló ṣì wà. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ wo inú Deleted Items, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó o pa rẹ́ kó sí, àfi kó o tẹ Empty Folder. Tó o bá tún ṣe ìyẹn tán, fáìlì ò ní kéré lójú ẹsẹ̀, torí Outlook kì í dá àyè tó ṣófo padà fún kọ̀mpútà bẹ́ẹ̀, ó dà bí àká tí wọ́n kó iṣu inú ẹ̀ tà, àká náà ṣì tóbi bó ṣe wà. Tó o bá fẹ́ rí i, fi ráìtì kílíkì tẹ orúkọ fáìlì náà lókè àwọn fódà, lọ sí Data File Properties, tẹ Folder Size. Ti ẹnì kan tí mo bá ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ fi gíìgì 6 hàn níbẹ̀, àmọ́ lórí dísìkì fáìlì náà jẹ́ 14, òfo ni 8 tó kù.

Ohun tó máa fún un pọ̀ nìyí: pa Outlook dé, kọ fáìlì náà sórí dísìkì míì ná, kó o tó padà ṣí i. Lọ sí File, Account Settings, Account Settings lẹ́ẹ̀kan sí i, Data Files, yan fáìlì, tẹ Settings, wá tẹ Compact Now. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, má ṣe é lórí kọ̀mpútà tó máa kú tí iná bá lọ, mo bẹ̀ ẹ́, torí tó bá kú láàárín, fáìlì lè bàjẹ́, SCANPST.EXE lo máa wá fi tún un ṣe, kì í sì í rí gbogbo ẹ̀ kó padà.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé, ó ti di 9. Mo tún lo Clean Up Old Items pé kó kó gbogbo íméèlì tó ti ṣáájú 2023 pamọ́, àmọ́ díẹ̀ báyìí ló kó. Lọ́dún tó kọjá la gbé íméèlì wá sórí láptọ́ọ̀pù yìí.

Ìdáhùn: Gbígbé yẹn ló fà á. Ọjọ́ tí íméèlì wọlé nìkan kọ́ ni Outlook ń wò, ó tún ń wo ọjọ́ tí nǹkan fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, èyí tó bá sún mọ́ òní jù nínú méjèèjì ló ń lò, ìyẹn ni ti 2019 ṣe ń dà bí ti ọdún tó kọjá lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Outlook 2016 sókè, ṣí regedit, dá DWORD yìí síbẹ̀:

```
HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Office\16.0\Outlook\Preferences
ArchiveIgnoreLastModifiedTime = 1
```

Pa Outlook dé, tún un ṣí, kó o wá kó o pamọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti kó wọn tán, gbé fáìlì archive.pst kúrò lórí dísìkì C, torí tí méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀, dísìkì ẹ ò fúyẹ́ rárá. Kó o sì padà lọ tẹ Compact Now lórí fáìlì àkọ́kọ́ yẹn, òfo náà ni àwọn íméèlì tó kúrò ń fi sílẹ̀.