Bí Ìyá Mi Ṣe Tún Bẹ̀rẹ̀ Sí Na Apá Ọ̀tún Wọn

Nígbà tí àwọn dókítà ní kí ìyá mi máa lọ sílé wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, èjìká wọn ń gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgúnpá kò nà, ìka wọn sì ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fa apá náà láti gbé wọn dìde lórí ibùsùn, òru méjì sì ni èjìká fi dùn wọ́n. Fisió, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú aláìsàn, tó ń bẹ̀ wọ́n wò nílé fi ìka tẹ orí èjìká wọn, ó sì fi àlàfo kan hàn mí níbẹ̀: iṣan tó ń di eegun apá mú sínú ihò rẹ̀ ti rọ̀, ìwúwo apá náà sì ń fà á sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn àti ìbàdí wọn ni mo ń fi ọwọ́ tì, bí wọ́n bá sì jókòó, ìrọ̀rí ni apá náà máa ń wà lórí rẹ̀.

Eré ìmárale tí a dì mú jù lọ rọrùn. Ìyá mi yóò jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò tẹ ilẹ̀ dáadáa, tábìlì yóò sì wà níwájú wọn. Kí n tó tẹ́ ọwọ́ wọn, mo kọ́kọ́ máa ń tẹ ọrùn ọwọ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, nítorí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìka tó le dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò ti ìdí àtàǹpàkò ṣí i, láìfa ṣóńṣó ìka. N óò wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà lé àdìrẹ kan tí a ká, wọn yóò sì máa fi ti aṣọ náà síwájú títí dé ibi tí mo gbé ife sí, wọn yóò tún fà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mìíràn, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí apá bá ti ń gbọ̀n, a ó dúró.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ wọn kan ife, inú mi sì dùn púpọ̀. Fisió náà ní kí n wo ẹ̀yìn wọn: ó ti kúrò lára àga, ara ló lọ, ìgúnpá kò nà rárá. Ó kọ́ mi pé kí n fi aṣọ pélébé sáàárín ẹ̀yìn wọn àti àga. Bó bá já bọ́, wọ́n ti fi ara gbà á nìyẹn. Mo sún ife náà mọ́ wọn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ó dun ìyá mi, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgúnpá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí nà, aṣọ ẹ̀yìn kò sì já bọ́ mọ́.

Bí èjìká bá dùn wọ́n gan-an tàbí tí ọwọ́ bá wú, a máa ń dáwọ́ dúró, a ó sì pe fisió. Bí ẹnu bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, tàbí tí apá tó sàn náà bá rọ lójijì, ilé ìwòsàn la máa gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní báyìí, ìyá mi lè di ife mú, ṣùgbọ́n ìka wọn ṣì ń pẹ́ kí ó tó tú u sílẹ̀. Èyí ló kù tí a ń ṣe.