Bí Apple Watch bá ń fi Wáìfáì ilé sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, bí Apple Watch yín bá ń fi Wáìfáì ilé sílẹ̀ tó ń jẹ dátà fóònù, fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí iPhone bá wà nítòsí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aago máa ń gbà kọjá lórí Bùlútúùtù, kí bátìrì má baà tètè tán. Ẹ lọ sí Settings > Wi-Fi lórí iPhone, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wáìfáì ilé, kí ẹ tan Auto-Join.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings > Wi-Fi lórí aago, kí ẹ yan ti ilé. Kò sí ibi tí ẹ ti lè to àwọn Wáìfáì bí ẹ ṣe fẹ́ wọn sí, nítorí náà bí aago bá ń lẹ̀ mọ́ òmíràn, ẹ tẹ orúkọ yẹn, kí ẹ yan Forget This Network. Láti dán an wò, ẹ pa Bùlútúùtù nínú Settings iPhone. Àmì Wáìfáì nínú Control Center aago á di búlúù bó bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n Series 5 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kì í rí Wáìfáì 5 GHz, àfi 2.4 GHz.