Owó ìparí tó mú kí ₦235,397 di ₦173,852

Akápò ilé ìwé kan ní Ọ̀fà ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin, ní Táńkẹ̀, ni mo ń gbé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ ọkọ̀ gba Ìdófìàn, gba Àjàṣẹ́-Ìpo, kí n tó dé ẹnu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ó sú mi, mo ní kí n ra Kòróólà tòkunbọ̀ kan. ₦8,000,000 ni wọ́n dá lé e. ₦2,000,000 wà lọ́wọ́ mi, ó ku ₦6,000,000 tí mo ní láti yá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀yáwó níbi tí mo lọ yára bí àṣá. Kí n tó jókòó dáadáa, ó ti kọ nọ́ńbà kan sẹ́yìn ìwé pélébé. "Ẹ má mikàn mà, ₦173,852 péré lẹ ó máa san lóṣooṣù, ọdún mẹ́ta ó ti tán." Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí ohun tó bá kù nínú gbèsè. Ìgbà tí mo dìde tán ló wá fi kún un pé bàlúùnù ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ìparí o. Orúkọ tí wọ́n ń pe owó gọbọi téèyàn máa san lẹ́ẹ̀kan náà lópin gbèsè nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la.

Mo ra wàrà díẹ̀ lọ́nà, mo délé, mo ṣí Excel lórí fóònù mi. Mo kọ́kọ́ wo iye tí ǹ bá máa san ká ní kò sí owó ìparí kankan:

```
=PMT(0.02,36,-6000000)
```

Ó mú ₦235,397 wá. PMT ni ó ń bá wa ṣírò owó oṣooṣù. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ rẹ̀ ni èlé oṣù kan, èkejì ni iye oṣù, ẹ̀kẹta ni owó tí mo yá. Bí owó ìparí bá wà, ààyè kẹrin ló máa ń wà. Ìdá 40 nínú ₦6,000,000 jẹ́ ₦2,400,000, mo bá fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú owó tí mo yá. Ohun tó jáde ni ₦281,556, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti ṣì í. Bí èèyàn bá ti fi apá kan gbèsè sílẹ̀ de ìparí, owó oṣooṣù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ni, kò lè gòkè. Bí àmì owó tí a yá àti ti owó ìparí bá ti jọra, ohun tí ẹ̀rọ máa rò ni pé wọ́n tún ń fún wa lówó sí i. Mo tún un kọ:

```
=PMT(0.02,36,-6000000,2400000)
```

₦189,238. Ó ti wálẹ̀ báyìí, àmọ́ kò bá ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mu. Tirẹ̀ fi ₦15,000 àti díẹ̀ kéré sí tèmi. Mo rò ó títí, wàrà mi tutù. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore, torí èlé tí ó kọ síbẹ̀ kò yí padà. Ìgbà tó yá ni ó wá yé mi pé n kò tíì bèèrè pé ìdá 40 nínú kí ni. Mo gbìyànjú ìdá 40 nínú owó ọkọ̀, ìyẹn ₦3,200,000, dípò owó tí mo yá. ₦173,851.99 ló jáde. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Owó ìparí tí mo rò pé ó jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti àbọ̀ dín díẹ̀ ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tó pa irọ́ kankan fún mi.

Kí ló wá dé tí owó oṣooṣù fi wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo pín gbèsè náà sí òkìtì méjì lójú ara mi. Òkìtì kìíní jẹ́ ₦2,800,000. Èyí ni mo máa san tán láàárín oṣù 36, ₦109,852 ló sì ń gbà lóṣù. Òkìtì kejì ni ₦3,200,000 tí a kò ní fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ kò sùn: náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦64,000 lóṣooṣù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí ₦173,852. Ó dà bí àlejò tó jókòó sílé ẹni fún ọdún mẹ́ta, tó ń jẹun lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ kò sì jò nígbà tó fẹ́ lọ.

Mo tún bi ara mi léèrè pé bí mo bá ń ju ìyàtọ̀ rẹ̀ sínú kólò ńkọ́? Láàárín ₦235,397 àti ₦173,852, ₦61,545 ló ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ lóṣù. Fún oṣù 36, pẹ̀lú àwọn kọ́bọ̀ rẹ̀, ó jẹ́ ₦2,215,625. Bí mo bá tilẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ láìná kọ́bọ̀, yóò ku ₦984,375 kí ó tó pé owó ìparí. Iye yẹn gan-an ni èlé tí owó ìparí fi lé orí gbèsè náà.

Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ọmọ mi, bí owó ìparí kò bá sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ má dààmú mà, a ó tún un yá yín fún ọdún kan." Mo ṣírò ìyẹn náà níwájú rẹ̀ ní èlé kan náà: ₦302,591 lóṣù, fún ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta sí i lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

N kò kọ owó ìparí pátápátá o. ₦235,397 ju agbára mi lọ lóṣù, ₦215,000 ni mo lè fara dà. Lápá kejì, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ọdún kẹta, ó sì lé díẹ̀ ní ₦1,200,000. Lórí ẹ̀yáwó yìí, ₦100,000 kọ̀ọ̀kan tí a bá sún sí ìparí ń gé nǹkan bíi ₦1,923 kúrò nínú owó oṣooṣù, nítorí náà kò pẹ́ tí mo fi rí iye tí mo fẹ́. Mo ní kí wọ́n fi owó ìparí sí ₦1,200,000, kí wọ́n kọ ọ́ ní náírà, n kò fẹ́ ìdá kankan mọ́. Yóò fi ₦369,141 kún ohun tí ǹ bá san, mo mọ̀, mo sì gbà á. Ká ní owó ẹgbẹ́ yẹn kò sí, tó jẹ́ pé láti inú owó oṣù mi ni mo ti fẹ́ máa tu ₦1,200,000 jọ, ₦33,334 ni n ó máa fi pamọ́ lóṣù. Bí mo bá sì ro ìyẹn pọ̀ mọ́ ohun tí mò ń san, yóò ju ₦235,397 tí mo ń sá fún lọ.

Kí n tó tọwọ́ bọ̀wé, mo ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó ìparí máa bọ́ sí. Wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ kan náà ni yóò jẹ́ pẹ̀lú owó oṣù kẹrìndínlógójì, ìyẹn ni pé lóṣù yẹn, ₦1,412,318 ni wọn yóò máa retí lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù mi.

Lópin oṣù àkọ́kọ́, bánkì fi iye tí wọ́n yọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà tí a wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo: ₦212,317.69. Mo gbé Kòróólà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ṣí Excel. Kọ́bọ̀ kan kò yàtọ̀.