Fọ́tò tó máa kún síláìdì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kó lè kún síláìdì. Ojú èèyàn á kàn fẹ̀ bí àwo ni. Síláìdì sábà máa ń jẹ́ 16:9, fọ́tò fóònù sì sábà máa ń jẹ́ 4:3, nítorí náà gígé ló kù. Nínú PowerPoint, ẹ tẹ fọ́tò náà, kí ẹ lọ sí Picture Format, Crop, Aspect Ratio, 16:9. Fọ́tò tó jẹ́ píksẹ́lì 4000 × 3000 á di 4000 × 2250. Kí ẹ tó gé e tán, ẹ sún àwòrán náà sókè sódò kí orí ẹnikẹ́ni má bàa lọ. Lẹ́yìn náà, igun nìkan ni kí ẹ fà. Tí ìbú rẹ̀ kò bá tó píksẹ́lì 1920, á ṣe bàìbàì lójú síkírínì ńlá. Ti WhatsApp sábà máa ń kéré. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.