Bí Mo Ṣe Jó Igun Férémù Géètì Tí Kò Fi Yẹ̀ Kúrò ní 90 Dígírì

Páìpù onígun mẹ́rin, 40 mìlímítà lórí 40, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní géèjì 14, ni mo lò fún férémù géètì yìí. Igun rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Irin tó bá yọ́ máa ń súnkì bó ṣe ń tutù, ibi tó bá sì ti súnkì ló máa ń fa páìpù sí. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn lè fi súkúwẹ́à tò ó dáadáa, kó jó o tán, kó wá rí i pé géètì ti wọ́.

Mo gé orí páìpù méjèèjì ní 45 dígírì kí wọ́n lè pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Bí a bá kàn fi orí ọ̀kan gún ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹnu páìpù kan á ṣí sílẹ̀, òjò á wọlé, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Láti fa ìlà tí mo máa gé, mo wọn mìlímítà 40 padà láti orí páìpù lójú ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì fa ìlà láti ibẹ̀ lọ bá igun òdìkejì. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra ló máa ń gba ìlà dídagun, méjì yòókù á gba ìlà tó lọ tààrà. Ẹ jẹ́ kí dísìkì gíráńdà wà níhà tí ẹ máa gé dànù. Ó yẹ kí ẹnu méjèèjì fara kan ara wọn. Bí àlàfo bá ti ju mìlímítà kan lọ lórí páìpù tó fẹ́lẹ́ báyìí, ẹ tún un gé, torí pé iná á máa dá ihò sí i.

Ṣáájú iná, mo fi gíráńdà họ ọ̀dà àti ìpata kúrò títí irin fi ń dán, níbi tó tó sẹ̀ntímítà méjì láti etí ibi tí mo gé. Bó bá jẹ́ páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ họ síǹkì náà, kí ẹ sì jó o níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa, nítorí èéfín rẹ̀ ń fa ibà.

Ẹlẹ́tíróòdù E6013 oní mìlímítà 2.5 ni mo lò, mo sì gbé iná sí 70 ámpù. Tí iná bá péye, ó máa ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Tó bá kéré, ẹlẹ́tíróòdù á máa lẹ̀ mọ́ irin. Tó bá pọ̀ jù, irin tó ń yọ́ níwájú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, á sì mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tètè gbé ọwọ́ kúrò nígbà náà, torí pé ihò ló kàn.

Mo tẹ́ páìpù méjèèjì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, mo fi táàkì kékeré kan, ìyẹn ibi tí a jó díẹ̀ kó lè di irin mú ná, sí igun ìta, mo wá wọ̀n ọ́n. Mo sàmì sí 600 mìlímítà lórí páìpù ìbú àti 800 lórí páìpù ìdúró, láti igun ìta. Àmì kan sí èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1000. Bó bá jẹ́ 1003, ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lórí géètì tó ga ní mítà 1.8, òkè rẹ̀ á ti yẹ̀ ju sẹ̀ntímítà kan lọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ táàkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọwọ́ lásán tó láti tẹ̀ ẹ́ padà. Lẹ́yìn tó pé 1000 ni mo táàkì igun inú àti ojú méjèèjì.

Jíjó igun ìta máa ń ṣí igun náà, jíjó igun inú sì máa ń pa á dé. Nítorí náà mo kọ́kọ́ jó igun ìta, mo jẹ́ kó tutù, mo tún un wọ̀n, kí n tó jó igun inú láti fi fà á padà. Lẹ́yìn náà ni ojú méjèèjì kàn. Mo jó ojú iwájú dé ìdajì, mo yí férémù padà, mo jó ti ẹ̀yìn tán, kí n tó padà sí ti iwájú. Bí ẹ bá jó iwájú tán lẹ́ẹ̀kan náà, férémù á ká sókè níhà ibẹ̀, kò sì ní jókòó dáadáa mọ́ òpó.

Mo gbá ìdàrọ́ kúrò lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, torí ìdàrọ́ tí a bá jó lé lórí máa ń fi ihò pamọ́. Mo lọ ojú méjèèjì àti igun ìta kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan igun inú. Ibẹ̀ ni agbára máa ń kóra jọ sí nígbà tí géètì bá ń rọ̀ lórí íńjì, kò sì sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀. Ọ̀dà àkọ́kùn ló tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kì í pẹ́ dípata.